Nótífíkéṣọ̀n áàpù eré ìdárayá, lẹ́tà 35 péré: òwe lẹ́tà 25 ló di 40 mọ́ mi lọ́wọ́

Àbẹ̀kẹ́ Ìlódè

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan tó ń ṣe áàpù eré ìdárayá gbé iṣẹ́ fún mi, ọ̀rọ̀ kúkúrú ọgbọ̀n ní Yorùbá, ẹyọ kan lójúmọ́, tí á máa yọ lójú fóònù àwọn èèyàn láàárọ̀ kí wọ́n lè dìde rìn tàbí kí wọ́n lóṣòó díẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ní kí n máa kó o sí kì í gbà ju 35 lọ. Mo ní ìyẹn ti tó, òwe wa kúkú kúrú. Mo wá kọ eléyìí:

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà

Mo fi ìka kà á tòun ti àlàfo àárín rẹ̀, 25 ni. Fọ́ọ̀mù ní 40 ni, kò gbà á. Àbúrò mi tẹ òwe yẹn kan náà lórí fóònù tiẹ̀, fọ́ọ̀mù ní 29, ó sì gbà á wọlé. Èmi kọ tèmi sínú fáìlì kan lórí kọ̀ǹpútà kí n tó kópì rẹ̀, òun tẹ tiẹ̀ síbẹ̀ tààrà. Ta ló mọ ohun tó fà á? Tí mo bá yọ gbogbo àmì kúrò á wọlé, ṣùgbọ́n kò wù mí. Ẹ tún bá mi dábàá òwe tàbí ọ̀rọ̀ tó bá iṣẹ́ náà mu.

Ọmọ Obòkun

Àǹtí, ẹ yọ àmì yẹn dànù jàre, ta ló ń fi àmì sọ̀rọ̀ lórí wọ́sáàpù, gbogbo wa là ń kà á láìsí àmì tí a sì ń gbọ́ ara wa yé. 25 yín á di 25 gidi. Fún ti ìrìn ẹ lo "Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́", ó kúrú, ó dùn lẹ́nu, ẹsẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ìyá Ìbejì Lágeèrè

Ẹ ṣọ́ra o, ọ̀rọ̀ owó ni. Mo ní kíláàsì ijó ìdárayá fún àwọn obìnrin, mo sì máa ń fi tẹ́sìtì ránṣẹ́ sí wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ ò bá fi àmì kankan sí i, lẹ́tà 160 ni ẹ lè kọ sí ojú ewé kan. Ẹ wá fi ẹyọ ẹ kan péré sí i, 160 á di 70, ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ ojú ewé kan lè di méjì, wọ́n á sì yọ owó méjì. Ìdí tí èmi fi ń kọ "E ma gbagbe ola" nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi àmì jẹ owó yín.

Kóòdù Ifẹ̀

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ìka yín ò ṣì í kà, fọ́ọ̀mù náà ò sì purọ́. Ohun tí ojú rí ni ẹ̀yin ń kà, fọ́ọ̀mù ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà tọ́jú sínú. Ẹ mú ẹ̀ tó parí "díẹ̀" bí àpẹẹrẹ. Lójú wa, lẹ́tà kan ni. Nínú kọ̀ǹpútà ó lè jẹ́ méjì, ìyẹn ẹ tòun ti àmì abẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan, kí àmì ohùn wá tẹ̀lé e. Ó tún lè jẹ́ mẹ́ta, e lásán, àmì abẹ́, àmì ohùn, kálukú lọ́tọ̀. Kò sí bó ṣe lè jẹ́ ẹyọ kan, torí Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, ò ya nọ́ńbà sọ́tọ̀ fún ẹ tàbí ọ tó bá gbé àmì ohùn lórí. À, é, ú, ń ní nọ́ńbà tiwọn. Ṣ ní tiẹ̀. Ẹ àti ọ tí kò ní àmì lórí ní tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀, ẹ́, ọ̀, ọ́ ò ní, bẹ́ẹ̀ náà ni m̀.

Ká padà sórí òwe yín. Ẹ tó ní àmì ohùn jẹ́ mẹ́rin nínú rẹ̀, méjì nínú "díẹ̀díẹ̀", méjì nínú "ẹlẹ́dẹ̀". Ẹ fi 4 kún 25, ó di 29, ti àbúrò yín nìyẹn. Fáìlì tí ẹ̀yin kópì láti inú rẹ̀ ti tú gbogbo lẹ́tà palẹ̀: àmì ohùn mẹ́sàn-án, àmì abẹ́ mẹ́fà, gbogbo rẹ̀ 15. 25 pẹ̀lú 15, 40. Kò sí ohun tó sọnù, kò sí ohun tó wọlé láìtọ́.

Tí ẹ bá fẹ́ rí i fúnra yín, ẹ ṣí kọ́ńsóòlù inú búráósà, ẹ fi òwe náà sí `s`, kí ẹ tẹ èyí:

```js
s.length
s.normalize("NFC").length
[...new Intl.Segmenter("yo").segment(s)].length
```

Àkọ́kọ́ á fún yín ní 40, ìkejì 29, ìkẹta 25. Ìkejì yẹn ló ń kó lẹ́tà tó ti tú jọ padà. Ẹ sọ fún àwọn tó ni áàpù pé kí fọ́ọ̀mù máa ṣe NFC kí ó tó kà, ó kéré tán. Èyí tó tọ́ jù ni kí wọ́n fi ìkẹta kà á, torí ìdí tí wọ́n fi fi 35 síbẹ̀ ni kí ọ̀rọ̀ má baà gé lójú fóònù, àmì ohùn àti àmì abẹ́ kì í sì í gba àyè kankan ní ẹ̀gbẹ́. Wọ́n ń gba owó ibodè lọ́wọ́ ẹni tí kò gba ibodè kọjá.

Ìyá Ìbejì, òótọ́ lẹ sọ lórí tẹ́sìtì. Kódà à, è, ì, ò, ù wà nínú 160 yẹn, ẹ, ọ, ṣ ló ń sọ ọ́ di 70, àti á, í, ó, ú náà. Ṣùgbọ́n nótífíkéṣọ̀n áàpù kì í gba ọ̀nà tẹ́sìtì. Dátà ló ń bá wá, FCM tí ọ̀pọ̀ áàpù fi ń fi í ránṣẹ́ sì gba báìtì 4096 fún iṣẹ́ kan. Òwe ẹlẹ́dẹ̀ yẹn tòun ti gbogbo àmì rẹ̀ ò ju báìtì 50 lọ bí wọ́n bá kó o jọ. Ẹnì kan ò ní gba owó àmì lọ́wọ́ wọn.

Bàbá Ẹ̀nuwá

Ẹ kú ìjíròrò. Ọmọ Obòkun, òwe tí o mú wá yẹn, ìdajì rẹ̀ lo mú wá. "Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́, àńjọ̀fẹ́ kú, a ò rẹ́nìkan." Àwọn tó ń wá jẹun ọ̀fẹ́ nílé ẹni ni wọ́n fi ń bú. Ẹni tó bá gbọ́ ìdajì rẹ̀ láàárọ̀ á fi ìdajì kejì parí rẹ̀ nínú ara rẹ̀, á ní ta ló kú? Yorùbá kì í gbọ́ ìdajì òwe kó má parí rẹ̀. Torí náà, Àbẹ̀kẹ́, tí o bá fẹ́ gé òwe nítorí àyè, kọ́kọ́ pe apá tó kù jáde kí o gbọ́ ohun tó ń sọ.

Èyí tí o lè gé láìséwu ni "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́". Apá kejì rẹ̀ ni "ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko mọ́ni lọ́wọ́". Ẹni tó bá parí rẹ̀ nínú ara rẹ̀, ìmọ̀ràn náà tún le sí i ni: kó má sáré fi agbára ṣe é lọ́jọ́ kan.

Ọ̀rọ̀ kejì. Mo ní irú áàpù bẹ́ẹ̀ lórí fóònù mi tẹ́lẹ̀, ọmọ mi ló fi síbẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Lọ́jọ́ kan ní ìdájí ni ó yọ "Dìde, ọ̀lẹ!" Ọmọ ọdún mélòó ló kọ ìyẹn sí mi? Mo pa nótífíkéṣọ̀n rẹ̀ láti ọjọ́ náà, mi ò sì tíì tan án padà. Rírìn tí mo ń rìn láti Ẹ̀nuwá, mo ṣì ń rìn ín, áàpù ni mi ò gbọ́ tiẹ̀ mọ́.

Àbẹ̀kẹ́ Ìlódè

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an ni. Kóòdù, Ọlọ́run á bùkún ọ, mo tẹ̀ ẹ́, bí o ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló rí, 40, 29, 25. Mo ti kọ̀wé sí wọn lórí fọ́ọ̀mù náà.

Òwe tí Bàbá mú wá, mo ti kà á. "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́" jẹ́ 32 lójú, 35 nínú fọ́ọ̀mù tí mo bá kó o jọ, ó wọlé ní gẹ́rẹ́. Mo fi àmì ìdánudúró sí ìparí rẹ̀, ó di 36, ó lé e padà. Ṣé kí n yọ àmì ìdánudúró ni?

Bàbá, mo ti kọ "Dìde, ẹsẹ̀ rẹ ń dúró" sínú àwọn tí mo ti fi ránṣẹ́. Ṣé kí n pààrọ̀ gbogbo "rẹ" sí "yín" ni?

Tíṣà Mòdákẹ́kẹ́

Má yọ nǹkan kan. Kọ ọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu: "Ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́". Ẹnu ti ń já fáwẹ́lì wọ̀nyẹn láti ayébáyé, kò sì sí ẹni tó máa pè é ní àṣìkọ. Ó di 27 lójú, 30 nínú fọ́ọ̀mù, o ṣì ráyè fi ìdánudúró sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni, tí ọ̀rọ̀ bíi "l'oògùn" bá wà nínú èyí tí o máa kọ, má fi àmì òkè yẹn sí i, "loògùn" ni, o jèrè ẹyọ kan.

Ṣùgbọ́n lórí yíyọ àmì, mi ò gbà fún Ọmọ Obòkun rárá. Lórí wọ́sáàpù, o mọ ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ àti ohun tí ẹ ti ń sọ bọ̀. Nótífíkéṣọ̀n ò ní ohun tó ṣáájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́rin ló kàn já wálẹ̀ lójijì. Ẹ kọ "E gbe ese yin nile" sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ la ojú ní ìdájí, kò tíì mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ni wọ́n ní kó gbé tàbí ẹ̀ṣẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe kúrú tó ni àmì ṣe ń wúlò tó.

Nǹkan kan tún ṣẹlẹ̀ o. Mo fi kíbọ́ọ̀dù tèmi tẹ òwe ẹlẹ́dẹ̀ yẹn, mo ṣe NFC tí Kóòdù sọ, 31 ló fún mi, kì í ṣe 29. Ibo ni méjì yẹn ti wá?

Ọmọ Obòkun

Bàbá, ẹ má bínú, mo ti gbọ́. Tíṣà, mo gbà fún yín lórí ẹsẹ̀ àti ẹ̀ṣẹ̀ ṣùgbọ́n mi ò gbà pé gbogbo ọ̀rọ̀ ló rí bẹ́ẹ̀, "sinmi" nílò àmì wo? Ẹ fi àmì sí ibi tó lè ṣini lọ́nà, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀.

Mo ní ọ̀kan tó dára fún ọjọ́ ìlóṣòó, ẹ gbọ́ ná. Àwọn bàbá wa ní Iléṣà tó ń kiri aṣọ, àwìn ni wọ́n máa ń tà, láti ìlú dé ìlú. Tó bá dọjọ́ owó tí onígbèsè ń ṣe "ẹ jókòó ná, ẹ jẹ́ n wá oúnjẹ fún yín", wọn kì í jókòó. Wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n á ní òṣó ni àwọn máa ló títí owó àwọn á fi pé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pe Ìjẹ̀ṣà ní Òṣómàáló. Ẹni tó bá ti lóṣòó fún ìṣẹ́jú kan rí á mọ̀ pé itan ń gbóná, ẹni tó bá fi gbowó mọ̀ nípa ìfaradà. Torí náà:

Òṣó ni màá ló. Mẹ́wàá péré.

26 ni lójú, mẹ́wàá nìkan ló ní ẹ́, 27 nínú fọ́ọ̀mù. Ẹ wò ó, "Òṣó ni màá ló" fúnra rẹ̀ 13 ni lójú, 13 ni nínú fọ́ọ̀mù, torí ṣ kì í gbé ohùn.

Tíṣà Mòdákẹ́kẹ́

Ìyẹn dára púpọ̀. Ohun tí ń bà mí lẹ́rù ni pé ará ibòmíràn máa ń fi Òṣómàáló ṣe yẹ̀yẹ́ fún Ìjẹ̀ṣà, pé wọ́n le mọ́ owó. Ẹni tí kò sì mọ ìtàn rẹ̀ rárá ní Abẹ́òkúta á kàn rí "òṣó" lásán.

Ọmọ Obòkun

Kí ló burú níbẹ̀? Oríkì ni fún wa. Ẹni tí kò mọ̀ á bèèrè, á sì ti lóṣòó kó tó rí ẹni dá a lóhùn.

Kóòdù Ifẹ̀

Tíṣà, ẹ fi ìka méjì fẹ ọ̀rọ̀ yín lójú fóònù kí ó tóbi dáadáa, kí ẹ wo abẹ́ ẹ. Ti Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, tótó róbótó ló wà níbẹ̀. Tiyín, ó dá mi lójú pé ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán ni, irú èyí tó wà nínú àwọn ìwé àtijọ́. Lójú kọ̀ǹpútà, nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Tótó ni U+0323, ìlà ni U+0329, NFC ò sì mọ bó ṣe ń so ìlà yẹn mọ́ e. Lẹ́tà mẹ́fà tó ní àmì abẹ́ nínú òwe náà, kálukú wọn á jẹ́ méjì, ó di 31. Tí ẹ bá tún wá "ẹlẹ́dẹ̀" inú rẹ̀, kò ní rí i, bó tilẹ̀ wà lójú yín. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó kà á:

```js
s.replace(/\u0329/g, "\u0323").normalize("NFC").length
```

Á padà di 29. Àǹtí, ẹ ṣe é fún gbogbo ọgbọ̀n tí ẹ kọ, pàápàá tí ẹ bá kópì lára iṣẹ́ ẹlòmíràn.

Nǹkan kan ṣì kù tí ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ. Ẹ má fi "Ẹ káàárọ̀" sínú ọ̀rọ̀. Tí iná ò bá sí, tí fóònù kú láti alẹ́, tí ẹni náà wá tan án ní aago méjì ọ̀sán, iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní ìdájí á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wọlé. Bí wọn ò bá sọ iye àkókò fún un, FCM lè tọ́jú iṣẹ́ dúró de fóònù títí di ọjọ́ 28. Ní apá Áńdírọ́ìdì, ẹ ní kí wọ́n kọ `"ttl": "7200s"`, ìyẹn wákàtí méjì, bó bá kọjá bẹ́ẹ̀ kó má wá mọ́. Ọ̀rọ̀ ìdájí tó bá wá lọ́sàn-án, èèyàn á rò pé áàpù náà ò mọ ohun tó ń ṣe.

Ìyá Ìbejì Lágeèrè

Ó ti yé mi báyìí, mo rò pé tẹ́sìtì ni. Ṣùgbọ́n lórí "rẹ" àti "yín", àwọn obìnrin kíláàsì mi, ọmọ yunifásítì wà níbẹ̀, ìyá-ìyá wà níbẹ̀. Tí mo bá ní "ẹ lóṣòó", àwọn ọmọdé ò ní bínú. Tí mo bá ní "lóṣòó", àwọn ìyá á wò mí. "Ẹ" pẹ̀lú àlàfo kò ju méjì lọ nínú 35 yín.

Bàbá Ẹ̀nuwá

Òun gan-an nìyẹn. Bí o bá sì fẹ́ fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ lọ, lo "ká". "Ká rìn díẹ̀, ká tó jókòó." Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ti ka ara rẹ̀ mọ́ wa, ọmọdé lè sọ ọ́ fún àgbà, àgbà lè sọ ọ́ fún ọmọdé. 24 ni mo kà.

Ọmọ Obòkun

"Ká" rọ̀ jù fún eré ìdárayá, Bàbá. Kóòṣì kì í bẹ̀ wá.

Àbẹ̀kẹ́ Ìlódè

Ẹ wo èyí tí mo ti kó jọ, gbogbo rẹ̀ ni mo ti fi àṣẹ Kóòdù pààrọ̀ tí mo sì kà. Fún ọjọ́ ìrìn, "Ká rìn díẹ̀, ká tó jókòó." 25 nínú fọ́ọ̀mù. Fún ọjọ́ ìlóṣòó, ti Òṣómàáló, 27, mo fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, torí ẹni tó ń ṣe é gan-an ló ń sọ ọ́, kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Fún ọjọ́ ìsinmi, "Ara kì í ṣe òkúta, ẹ sinmi." Ìyẹn 27 lójú, 27 nínú fọ́ọ̀mù. Àti ti ẹ̀sọ̀ tòun ti ìdánudúró rẹ̀, 31. Mo ti yọ "Dìde" kúrò pátápátá. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù yín, mo ti fi í ránṣẹ́ sí àwọn tó fi áàpù ìdánwò náà sórí fóònù.

Ìyá Ìbejì Lágeèrè

Ó wọlé. Ti ìrìn nìkan ló hàn tán. Àwọn tó kù kò hàn tán, ohun tí mo rí nínú ti ẹ̀sọ̀ ni "Ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì…"

Kóòdù Ifẹ̀

Ìyá Ìbejì, ṣé ẹ ti sọ lẹ́tà fóònù yín di ńlá ni? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìlà kan ṣoṣo tí Áńdírọ́ìdì máa ń fi hàn kó tó ṣí, kì í gba púpọ̀. Ẹ fi ìka fà á wálẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá á ṣí tán.

Ìyá Ìbejì Lágeèrè

Bẹ́ẹ̀ ni, ojú mi ò gbé lẹ́tà kékeré mọ́. Mo fà á wálẹ̀, kò ṣí.

Kóòdù Ifẹ̀

Á jẹ́ pé wọn ò lo `BigTextStyle` tó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gígùn ṣí tán nìyẹn, ọwọ́ àwọn tó ṣe áàpù lèyí wà, kì í ṣe ọwọ́ Àǹtí. Ẹ fi kún lẹ́tà tí ẹ kọ sí wọn. Kí wọ́n tó dáhùn, ẹ̀yin náà ẹ fi lẹ́tà ńlá yẹ ọgbọ̀n náà wò, torí àwọn bíi Bàbá àti Ìyá Ìbejì gan-an ni lẹ́tà wọn máa ń tóbi.